Ìtẹ́wọ́gbà Ìkẹyìn Alàgbà Ògúntádé

Bí ẹ bá pàdé ẹnikẹ́ni tó ń sọ kiri Ìbà pé èmi Mọ́nsúrátù ni mo pa Alàgbà Ògúntádé, ẹ bá mi bi í bóyá ó mọ ohun tí ìtẹ́wọ́gbà túmọ̀ sí. Iṣẹ́ tísà Yorùbá ni mo fi dàgbà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ tọ́, àmì orí rẹ̀ pé. Àwọn tó kà á ni kò tọ́.

Omi ló fà á. Ní òpópónà tiwa nínú Ìbà Housing, ọwọ́ àwọn mẹ́ruwà tó ń ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri la ti ń ra omi, a ó sì tún máa bẹ̀ wọ́n bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń fún wa. Nígbà tó yá, àjọ aláàánú kan gbà láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa, èyí tí sólà yóò máa fa omi rẹ̀ sókè sínú táǹkì. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ kan, ilé iṣẹ́ náà sì rán ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Moṣọpẹ́ wá pé kó darí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwa ará àdúgbò náà yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa fojú tó iṣẹ́ náà. Alàgbà Ògúntádé ni alága, èmi ni akọ̀wé. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Moṣọpẹ́ fún alága ní akoto funfun kan àti ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń dán, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibi iṣẹ́ láìdé akoto.

Bàbá kò ṣí akoto náà kúrò lórí mọ́. Wọ́n dé e lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n dé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n dé e lórí sùtánà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àfi ìgbà tí wòlíì dúró lórí pẹpẹ tó ní òun kò ní í gbàdúrà títí akoto yẹn yóò fi kúrò lórí. Ní Okokomaiko, bí wọ́n bá ti yọ, àwọn onímọ́tò á kígbe pé, "Injinía!" Bàbá á gbọ́wọ́ sókè, wọn á máa wo àwọn wáyà iná ojú pópó bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló ta wáyà náà.

Mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n àánú wọn a tún máa ṣe mí. Sítọ́ọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ní ilé iṣẹ́ kan kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ wọn ti lọ, ìyàwó wọn ti kú. Kí kànga yìí tó dé, ohun kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn máa ń sọ fún wọn ni pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún àga yín sẹ́yìn díẹ̀, a fẹ́ kọjá."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Moṣọpẹ́ mú ìwé kan wá, ó ní òun la ó fi pa iṣẹ́ náà dé. Mo fẹ́ràn ìwé náà nítorí pé ó létò. Apá kìíní ni pé kí ìgbìmọ̀ yẹ iṣẹ́ wò pẹ̀lú àdéhùn tí a jọ ṣe níbẹ̀rẹ̀, bó bá bá a mu, kí alága buwọ́ lù ú pé a tẹ́wọ́ gbà á. Apá kejì ni kí wọ́n fa gbogbo ohun tó jẹ́ tiwa lé wa lọ́wọ́: kọ́kọ́rọ́, àwòrán ibi tí páìpù gbà nílẹ̀, ìwé ìlò pọ́ǹpù, èsì àyẹ̀wò omi, àti àwọn irinṣẹ́ tí ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ máa lò. Apá kẹta ni kí ilé iṣẹ́ tú àwọn èèyàn àti ẹrù wọn sílẹ̀: kí àtẹ̀gùn tí wọ́n háyà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, kí wọ́n kó kọ̀ǹténà tí wọ́n ń kó ẹrù sí lọ, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa lọ síbi tí iṣẹ́ mìíràn ti ń dúró dè é. Apá kìíní ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún èkejì, èkejì fún ẹ̀kẹta. Bí alága kò bá buwọ́ lù ú, gbogbo rẹ̀ á wà lójú kan, omi náà á sì wà ní títì.

Alága kò buwọ́ lù ú.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ẹnu ẹ̀rọ kan ń jò. Òótọ́ ni, ó ń jò, àwọn òṣìṣẹ́ sì tún un ṣe. Wọ́n ní omi ń dúró lórí sìmẹ́ńtì tó yí i ká. Òótọ́ nìyẹn náà, àwọn òṣìṣẹ́ fọ́ ọ, wọ́n tún un dà kó lè ṣàn. Mo yìn Bàbá fún ìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá wá ní dúdú táǹkì náà dúdú jù. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ń dún bí wọ́n bá yí i. Wọ́n ní ó yẹ kí òdòdó wà níbẹ̀. Moṣọpẹ́ máa ń fi sùúrù ṣàlàyé pé ohun tí kò bá àdéhùn mu, òun gbọ́dọ̀ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú àdéhùn, iṣẹ́ tuntun ni, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á lọ bá àjọ aláàánú sọ ọ́. Ó tún ní bí a tilẹ̀ tẹ́wọ́ gbà á lónìí, bí ohun kan bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan nítorí pé àwọn kò ṣe é dáadáa, àwọn á padà wá tún un ṣe. Bàbá á mi orí, akoto á mì pẹ̀lú. Wọ́n á ní àwọn ṣì ń wò ó.

Lọ́jọ́ kan Moṣọpẹ́ wá jókòó ní iwájú ilé mi, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ wọn ti gba iṣẹ́ ńlá kan ní Ẹ̀pẹ́, òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun tí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kò bá tíì parí lórí ìwé. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ Ìbà bá ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ẹlòmíràn ni wọn á fún.

"Mọ́mì," ó ní, "mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún Bàbá. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n tún ṣe tó wà nínú ágíríìmẹ́ǹtì, mo ti ṣe é."

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú apá kẹta, láàárín àtẹ̀gùn àti kọ̀ǹténà, mo rí i: akoto kan àti ẹ̀wù ọsàn kan, ọ̀dọ̀ alága ìgbìmọ̀, kí wọ́n gbà á padà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìgbìmọ̀ náà ti túká. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí ń wá àṣìṣe lára páìpù, orí Bàbá ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo mọ Ògúntádé, kò sí ohun tó lè mú kí wọ́n má wá síbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ya wọ́n ní fọ́tò. Mo lọ bá wọn nílé, mo sọ fún wọn pé a fẹ́ ṣe ayẹyẹ ní Sátidé níbi kànga, a ó tẹ ìwé ìkéde, àwòrán wọn ni yóò gba iwájú rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá akoto máa hàn nínú àwòrán náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn á wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lù, àwọn ṣì ń wò ó. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo mọ̀ pé bí gbogbo àdúgbò bá pé jọ tí garawa wà lọ́wọ́ wọn, kò sí òdòdó tí Bàbá máa béèrè níbẹ̀.

Mo kọ ìkéde náà fúnra mi. Moṣọpẹ́ fẹ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ní rárá, ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì pọn omi. Mo gbé e lọ fún Túnjí tó ń tẹ̀wé ní Iyana-Iba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ yunifásítì. Túnjí ní kí n má ṣèyọnu, pé òun ní dìsáìn kan lórí kọ̀ǹpútà tó rẹwà gan-an, àwọn èèyàn máa ń fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, mo wọ awò ojú mi, mo yẹ àmì orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Kò sí àṣìṣe kankan. N kò wo òmíràn. Akọ̀wé ni mí, èmi kọ́ ni mo ń ya àwòrán.

Ohun tí mo kọ rèé:

ÌTẸ́WỌ́GBÀ ÌKẸYÌN
láti ọwọ́ Alàgbà Ògúntádé.
Ìfàlélọ́wọ́ àti ìtúsílẹ̀ yóò tẹ̀ lé e.
Ọjọ́ Sátidé, ní àárọ̀, níbi kànga tuntun, Ìbà Housing.
Gbogbo ará, ẹ wá.

Ẹ sọ fún mi, kí ló burú níbẹ̀? Òótọ́ ni pé Túnjí fi ìlà dúdú yí i ká. Òótọ́ ni pé ó fi ẹyẹlé funfun méjì sí igun òkè. Àwòrán Bàbá wà láàárín, wọ́n ká apá mọ́ àyà, wọ́n ń wo òkè bí ẹni tó ń rí ilé tí ẹlòmíràn kò rí. Ó wá fi ọ̀rọ̀ yẹn, ìkẹyìn, sí lẹ́tà tó tóbi ju gbogbo ìyókù lọ. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Iyana-Iba, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Okokomaiko, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì wa.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo gbé tábìlì kékeré kan lọ síbi kànga. Bàbá ti ṣáájú mi débẹ̀. Wọ́n wà lẹ́yìn ìdí táǹkì, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ fún èrò sí ara wọn létí. N kò dí wọn lọ́wọ́. Moṣọpẹ́ dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé, mo sì rí i pé kò sí garawa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn wọ dúdú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá wọ sùtánà, wọ́n mú àbẹ́là dání. Onímọ́tò kan láti Okokomaiko ká fìlà ẹ̀ mọ́ àyà. Obìnrin kan dì mọ́ mi, ó ní kí Ọlọ́run tù wá nínú. Mo ń bi í pé nínú kí ni, nígbà tí mo gbọ́ ẹkún láti ẹnu géètì.

Màmá Àyọ̀ká ni, àbúrò Bàbá, tí wọ́n ń gbé ní Ọ̀jọ́. Ẹnì kan ló ka ìwé náà fún wọn. Wọ́n wólẹ̀ síwájú ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n gbá sìmẹ́ńtì mọ́ra. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí mo rí àwọn ẹyẹlé. Ìwé ìkéde òkú ni Túnjí tẹ̀ fún mi. Mo wo Moṣọpẹ́, ó wo èmi. Ó ti fọwọ́ bo ẹnu, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ ìdágbére. Onímọ́tò yẹn ní Injinía kì í kọjá láìkí òun. Ará ṣọ́ọ̀ṣì kan ní akoto yẹn bí wòlíì nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ dára. Ẹnì kan ní Bàbá ló sáré títí kànga yìí fi dé. Gbogbo wọn ń sọ ọ́ dáadáa, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn táǹkì tó ń gbádùn ẹ̀, nítorí kò sí ìdí mìíràn tí òkú kò fi ní í jáde wá sọ pé òun kò kú.

Ni Màmá Àyọ̀ká bá gbé orí sókè, wọ́n fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ tí a fi àgádágodo tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n ní, "ẹ gbẹ́ omi, ẹ tì í pa. Ẹ lọ, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu níbẹ̀. Kí ni kí n máa sọ fún àwọn tó bá bi mí léèrè ohun tí ẹ fi sílẹ̀?"

Gbogbo ẹni tó ń yin Bàbá ń wo àgádágodo náà báyìí, mo sì rí i tí ìyìn náà ń tán lójú wọn. Obìnrin tó dì mọ́ mi ní òótọ́ ni, pé ní àná gan-an òun ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bí mo ti rò lọ, nítorí pé bí Bàbá bá kú lóòótọ́, ohun tí wọn yóò máa sọ nìyẹn.

Bàbá jáde láti ẹ̀yìn táǹkì. Wọ́n wọ ẹ̀wù ọsàn, wọ́n dé akoto, wọ́n sì mú ìwé ọ̀rọ̀ wọn dání. Àwọn alábẹ́là sá. Onímọ́tò náà fò lórí gọ́tà. Màmá Àyọ̀ká nìkan ni kò sá. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì fi í gbá akoto yẹn kó! kó! kó! Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé akoto náà wúlò.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, tí mo ti ṣàlàyé ìtẹ́wọ́gbà fún gbogbo wọn, tí kò sì sí ẹni tó gbọ́, Bàbá yíjú sí Moṣọpẹ́. Ohùn wọn ti kéré.

"Mú bírò wá, ọmọ mi. Jẹ́ kí n buwọ́ lù ú."

Moṣọpẹ́ kò mú bírò wá. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ ẹ̀, bí ọjọ́ Mọ́ńdè ti ń lé e tó. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má buwọ́ lù ú nítorí ẹkún. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí gbogbo èèyàn rí i pé iṣẹ́ náà pé."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Ó tan pọ́ǹpù, omi gun òkè, a gbọ́ ọ nínú táǹkì. A dúró títí táǹkì fi kún, pọ́ǹpù náà sì kú fúnra ẹ̀ bí àdéhùn ti wí. Ó ka èsì àyẹ̀wò omi sókè, mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tì í, wọ́n ń fi ìka wá ibi tó ń jò. Ibi tí ẹ̀rọ ti jò tẹ́lẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Kò jò. Ìgbà yẹn ni Moṣọpẹ́ tó fa bírò yọ, Bàbá buwọ́ lù ú, wọ́n tún kọ déètì sí i. Èmi náà buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Bàbá kọ́kọ́ bomi sí ife kan fún àbúrò wọn. Màmá Àyọ̀ká mu ún tán, wọ́n ní ó dùn, ṣùgbọ́n àwọn kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni. Àwọn aláṣọ dúdú ti sáré lọ sílé lọ gbé garawa.

Moṣọpẹ́ fa àwòrán páìpù àti àwọn ìwé yòókù lé wa lọ́wọ́, ó wá kan ìtúsílẹ̀. Moṣọpẹ́ kò béèrè akoto náà, ó kàn ń wo ìwé. Bàbá ṣí i kúrò lórí fúnra wọn, wọ́n fi ọwọ́ ẹ̀wù nù ún. Orí wọn pá, akoto sì ti fa ìlà yí i ká. Ọkàn mi rọ̀ díẹ̀. Wọ́n gbé e lé orí tábìlì, wọ́n ká ẹ̀wù ọsàn náà, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Onímọ́tò tó fò lórí gọ́tà ti padà dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ó ní, "Injinía, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ." Bàbá wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń pè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ ba, tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà.

Moṣọpẹ́ dì mọ́ mi kó tó lọ. Ó ku ohun kan nínú àwọn ohun ìfàlélọ́wọ́, ó ní, irinṣẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ, nítorí ó ní láti máa gun àkàbà wo táǹkì. Àdúgbò ti yan ẹni náà tipẹ́. Èmi ni. Ó fà á lé mi lọ́wọ́ nínú páálí: ìbọ̀wọ́, fèrè, kọ́kọ́rọ́, àti akoto aláwọ̀ ewé kan. Mo sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé èmi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, orí àkàbà nìkan ni màá ti máa dé e.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Inú ẹ̀ ń dùn, ariwo kátapílà ń dún lẹ́yìn ẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá omi ń yọ dáadáa. Ìdí ààrò ni mo wà, mò ń dín àkàrà. Mo ní kó dúró díẹ̀, kí n kọ́kọ́ ṣí akoto kúrò lórí.